Omi Tí Ìwé Rí Nínú Ẹja Wa

Ẹni tó bá ti gbé etí omi rí mọ̀ pé ẹja kì í jìnnà sí ẹnu wa. Tí ẹ bá wá gbọ́ pé ìwé kan dá wa lẹ́jọ́ pé a kì í jẹ ẹja tó, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ láti ọdún náà wá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín kọ́ ló kọ́kọ́ wá.

Ayé ìjọba òyìnbó ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ogún ọdún, mo sì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan lẹ́bàá odò, ní ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kúrò ní Igbókòdá lọ sí etí òkun. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé náà lé. Tí odò bá kún, a óò máa gbọ́ omi lábẹ́ ìbùsùn àwọn aláìsàn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ara wọn kò tíì le dáadáa ni wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọn kì í sì ju mẹ́wàá lọ.

Àwa mẹ́ta la wà nídìí iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì àgbà ni olórí wa, ará Oǹdó, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè rárá. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé e. Ẹnìkẹta ni Ìyá Alásè, opó láti Abereke, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ilé ọkọ. Ó máa ń sọ pé òun kò ní ilé mìíràn mọ́ ju ilé ìdáná wa lọ, àti pé ọmọ tí òun kò bí, òun ti bọ́ ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni. Kò sí obìnrin tó bímọ níbẹ̀ tí kò kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ tí Ìyá Alásè sè kí ó tó fi ọmú fún ọmọ.

Lóṣù kan, dókítà òyìnbó tó máa ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bẹ̀ wá wò fi ìwé ránṣẹ́. Ó ní àwọn ti yan bí oúnjẹ òòjọ́ ìyá ọlọ́mọ yóò ṣe pín. Nínú ọgọ́rùn-ún kálórì tó bá jẹ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ wá láti inú èròjà amúaradàgbà, ọgbọ̀n láti inú ọ̀rá, márùndínlọ́gọ́ta láti inú èròjà afáralókun. Tó bá fi méjì lé tàbí tó fi méjì dín, kò burú. Ó ní kí a fi òṣùwọ̀n wo oúnjẹ tiwa, kí a ṣírò rẹ̀, òun yóò wá gba ìwé náà lọ́jọ́ Sátidé. Tí kò bá bá a mu, oúnjẹ inú agolo ni wọn yóò máa kó wá láti ìlú, a kò sì ní nílò alásè mọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Alásè wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

"Ta ni agolo yẹn bí?" ni ó bèèrè.



Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, èmi àti Ìyá Alásè jókòó sí ilé ìdáná. Mo gbé òṣùwọ̀n ilé oògùn síwájú, mo ṣí ìwé tí dókítà fi ránṣẹ́, níbi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sí. Ìyá Alásè wọn ìpín obìnrin kan fún ọjọ́ kan: pupuru gbígbẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, igba gíráàmù ó lé àádọ́ta; ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, igba; ẹ̀wà, ọgọ́rin; epo pupa, ọgọ́ta. Ẹja ló gbé kẹ́yìn. Orí àgbìrọ́, pẹpẹ tó wà lókè ààrò, ló ti fa á yọ, níbi tí èéfín ti máa ń yí i po láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ó yọ eegun rẹ̀ kúrò, ó sì wọn ọgọ́rùn-ún gíráàmù gééré.

"Kí ló dé tí epo kékeré yìí fi ń gba àyè púpọ̀ nínú ìwé rẹ?" ó bi mí, torí ó rí i pé mo ń kọ nọ́ńbà ńlá.

"Gíráàmù kan ọ̀rá, kálórì mẹ́sàn-án ni, Ìyá. Gíráàmù kan amúaradàgbà, mẹ́rin. Afáralókun náà, mẹ́rin. Tí a bá fi ìwúwo nìkan pín in, a ó ṣi ara wa lọ́nà. Kálórì la fi ń pín in."

"Ìyẹn ni pé epo jẹ́ èèyàn kúkúrú tó ń gba ipò olóyè."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá."

"Mo mọ irú rẹ̀ kan ní Abereke."

Mo ṣírò. Amúaradàgbà: pupuru mẹ́rin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, ẹ̀wà méjìdínlógún, ẹja méjìdínlógún. Àpapọ̀ jẹ́ gíráàmù méjìlélógójì. Mo fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ kálórì 168. Ọ̀rá jẹ́ gíráàmù mẹ́rìndínláàádọ́rin; mo fi mẹ́sàn-án sọ ọ́ di púpọ̀, 594. Afáralókun jẹ́ gíráàmù 322, ìyẹn kálórì 1288. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, 2050. Mo wá fi àpapọ̀ yìí pín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ó dára. Afáralókun jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó ti kọjá ààyè. Amúaradàgbà jẹ́ mẹ́jọ péré.

Mo tún un ṣe. Mẹ́jọ. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹ́jọ náà ni. Mo gbé e lọ fún Nọ́ọ̀sì àgbà, òun náà ṣírò rẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Ìṣirò rẹ pé, ọmọ mi. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tí a sọ fún Ìyá Alásè, kò sunkún. Ó kàn dúró pẹ̀lú ṣíbí ní ọwọ́.

"Ẹ ní àwọn ìyá ọlọ́mọ mi kì í jẹ ẹja tó?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá," ni mo wí. "Bóyá kí a fi ẹja kún un. Ìlọ́po mẹ́ta..."

"Ìlọ́po mẹ́ta! Kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ilé?" Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Ó dáa, ka ohun tí ìwé yẹn sọ nípa ẹja sí mi létí. Má fo ohunkóhun."

Mo kà á bí ó ti wà. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹja, amúaradàgbà jẹ́ méjìdínlógún, ọ̀rá mẹ́rin, omi mẹ́tàdínlọ́gọ́rin...

"Dúró," ó ní. "Kí ni o pè níbẹ̀?"

"Omi, Ìyá. Gíráàmù mẹ́tàdínlọ́gọ́rin."

Ó dìde. Ó mú ẹja kan kúrò lórí àgbìrọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ẹja yẹn le bí igi ìdáná.

"Fún un," ó ní. "Fún omi yẹn sínú abọ́ fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi èéfín lé omi yẹn jáde nínú ẹja yìí, ìwé rẹ wá ní ó ṣì wà níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì àgbà, tí kì í gbé ohùn sókè, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé lọ́wọ́ mi, ó ṣí i sí ojú ewé kejì, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà. Ibẹ̀ ló wà: ẹja tí a fi èéfín gbẹ. Amúaradàgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ọ̀rá méjìlá. Nílé ìdáná wa, orí àgbìrọ́ la ti ń mú ẹja, ibẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n; kò sí ẹni tó ń fi ẹja tútù pamọ́. Àmọ́ ìlà ẹja àkọ́kọ́ tí ojú mi bá, ẹja tútù ni. Òun ni mo lò fún ẹja gbígbẹ, mo wá bu omi la ẹja Ìyá Alásè láì bi í.

A tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí wa papọ̀ lórí tábìlì. Amúaradàgbà di gíráàmù méjìdínláàádọ́rùn-ún, kálórì 352. Ọ̀rá di mẹ́rìnléláàádọ́rin, kálórì 666. Afáralókun kò yí padà, 1288. Àpapọ̀ di 2306. Ó pín sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

"Ṣé ó pé?" ni Ìyá Alásè bèèrè.

"Ó pé, Ìyá. Ó fi ọ̀kan péré dín níbìkan, ó fi ọ̀kan péré lé níbìkan."

"Ọ̀kan tó lé yẹn, tèmi ni. Mo máa ń fi ọwọ́ kún un."

Lọ́jọ́ Sátidé, dókítà gúnlẹ̀ ní ìyálẹ̀ta. Ó ka ìwé wa, ó fa ojú ro nígbà tó dé ibi ẹja. Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì àgbà pé nọ́ńbà yìí pọ̀ jù, pé ẹja kò lè ní tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Alásè gbọ́ tán. Ó wọ inú lọ, ó sì gbé òṣùwọ̀n jáde. Ó fi ẹja tútù kan, tí apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá, sínú ọ̀kan nínú àwo méjì òṣùwọ̀n náà. Ó wá ń to ẹja gbígbẹ sínú àwo kejì, irú kan náà, gígùn kan náà. Ọ̀kan, òṣùwọ̀n kò mì. Èjì. Ẹ̀ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ó ṣẹ́ ẹ̀kẹrin sí méjì, ó fi ìdajì lé e, àwo méjèèjì sì dọ́gba.

"Ẹ sọ fún un," ó wí fún Nọ́ọ̀sì àgbà, "pé ẹja kò dín. Omi ló lọ sí ilé rẹ̀."

Dókítà wo òṣùwọ̀n náà títí. Ó jókòó sórí àpótí Ìyá Alásè, ó fa pẹ́ńsùlù yọ, ó sì ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kó jọ sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ ní apá, bí ẹni pé wọ́n ń wo ìjàkadì. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó ní kí a kọ ètò oúnjẹ náà sára ògiri ilé ìdáná, kí alásè má sì yí i padà. Ó tún bèèrè bóyá ìpín kan ṣẹ́kù fún òun.

Ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, epo dé ìgbúnwọ́.

Èmi ni mo kọ ètò náà sára ògiri, pẹ̀lú ẹfun. Ìyá Alásè kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kó tó dáná láràárọ̀, ó máa ń pè mí pé kí n wá kà á. Mo máa ń kà á láti orí pupuru dé ìparí, yóò dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, yóò sì máa dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Tí mo bá dé orí ẹja, tí mo pe "gbígbẹ," á ní kí n tún un kà.