Ogójì Sẹ́kọ́ńdì Ògúntúndé

Ariwo kì í lé Josephine Ọ̀ṣunníyì kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni ní Ilora, òun náà ló sì ń ṣírò àkókò nínú eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó ń gba Fìdítì kọjá.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, àwọn ará Ilora ká a mọ́ ibi tí eré parí sí.

"Nathaniel wa ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kìíní, òun náà ló kọ́kọ́ dé lónìí! Báwo ni Ògúntúndé ará Fìdítì ṣe wá gba ife?"

"Àkókò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń rò pọ̀," ni Josephine fi ohùn líle dáhùn. "Ìgbà méjèèjì tí Nathaniel kọ́kọ́ dé, àárín agbo àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ pọ̀ ló wà. Bí agbo kò bá já, àkókò kan náà la ń kọ fún ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, Ògúntúndé nìkan ló já agbo sílẹ̀, ó sì fi ogójì sẹ́kọ́ńdì ṣáájú gbogbo wọn. A kì í sì yọ sẹ́kọ́ńdì kúrò nínú àkókò ẹni tó kọ́kọ́ dé nínú eré yìí."

"Ṣé òfo ni Nathaniel wá jẹ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Máàkì wà fún ipò tí èèyàn bá dé, tirẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹ fún un láṣọ ẹ̀yẹ ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ Imini tó ń kọ́kọ́ dé orí òkè lójoojúmọ́ ló ni aṣọ ẹ̀yẹ ti agùnkè. Ṣùgbọ́n sẹ́kọ́ńdì Ògúntúndé, n kò ní fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ!"

Bàbá àgbà kan fajú ro. "Tíṣà, ṣé Nathaniel kì í ṣe ọmọ wa ni?"

"Ọmọ yín ni, bàbá. Èmi ni mo bí i. Ẹ gbé ife fún Ògúntúndé."