Ẹni Tó Rà Wọ́n Kò Sí Nínú Àlàyé Mi

Èmi ni mo ṣì í. Kí ẹnikẹ́ni má dá olùkọ́ lẹ́bi, kí wọ́n má sì dá súláìdì rẹ̀ lẹ́bi. Ohun tó wà níbẹ̀ dára. Èmi tí mo dúró ṣàlàyé rẹ̀ ni mo gé e sí méjì, tí mo sì mú apá tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìwé mi ò pọ̀. Iṣẹ́ títo táìlì sílẹ̀ ilé ni mò ń ṣe kí n tó wọ kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé kí èmi náà gba dìpúlómà. Àwa márùn-ún la jọ ń kàwé. Bí kíláàsì bá ti parí ní Sátidé, a ó jókòó sí yàrá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ẹnìkan nínú wa á sì ṣàlàyé súláìdì ọ̀sẹ̀ náà ní ṣókí fún àwọn yòókù. Alága wa, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Odogbolu tó dàgbà jù wá lọ, á fi fóònù rẹ̀ gba ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á fi í sórí wọ́ọ̀sáàpù ẹgbẹ́ nítorí ẹni tí kò wá.

Ọ̀sẹ̀ tó kàn mí, bí àwùjọ ṣe ń to èèyàn ní ìpele-ìpele ni. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo ní kì í ṣe pé Lágbájá gbọ́n ju Làkáṣègbè lọ là ń sọ. Ètò tí àwùjọ fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ là ń sọ, tó ń pín ọrọ̀, iyì àti agbára láìdọ́gba, tí bàbá sì ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Mo ka oríṣi mẹ́rin tó wà níbẹ̀: ti ẹrú, ti ìran tí wọ́n bí èèyàn sí tí kò lè jáde níbẹ̀, bíi ti Íńdíà, ti àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ àti àwọn tó ń dáko fún wọn nílẹ̀ Òyìnbó láyé àtijọ́, àti ti kíláàsì òde òní, ti olówó àti tálákà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo dé orí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ipò tí wọ́n bí mọ́ni àti ipò tí a fọwọ́ ara ẹni wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yán.

Alága ní, "Àpẹẹrẹ dà, àbúrò? Íńdíà jìnnà."

Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo ní, "Lábúlé wa, ilé kan wà lẹ́bàá odò. Wọ́n ra bàbá ńlá wọn ni. Bí wọ́n kàwé títí, ẹnìkan nínú wọn ò tíì jẹ Olórítún rí. Ipò tí wọ́n bí mọ́ni nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan tilẹ̀ pariwo pé, "Ó ti yé mi! Ìbéèrè ìdánwò yẹn ti bọ́ sápò!"

Ẹnìkan ò pàtẹ́wọ́. Ọmọ ilé ẹ̀bá odò yẹn gan-an jókòó níwájú mi. Bọ́ọ̀sì kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń wọ̀ láti abúlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi ní A, B, D. Lóṣù yẹn, orúkọ bàbá náà wà níwájú àwọn àgbà pé kó jẹ Olórítún, olórí àdúgbò wa. Mo mọ̀. Mo ṣáà rò pé níwọ̀n ìgbà tí mi ò dárúkọ, mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kan ló bi mí. "Bọ̀dá, ta ló rà wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò sí nínú súláìdì."

Ilé wa ló rà wọ́n. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ lábúlé.

Alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí bàbá mi, kí wọ́n lè gbọ́ ọmọ wọn tó ń sọ̀rọ̀ bíi olùkọ́. Ìgbà tí àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ Olórítún, bàbá mi, tí kò fẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀, fi fóònù sáàárín ìpàdé. "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Iléèwé gíga pàápàá ń kọ́ wọn pé ẹni tí wọ́n rà ò lè jẹ ẹ́." Súláìdì sọ pé báyìí ló rí; bàbá mi gbọ́ ọ bíi pé báyìí ni kó máa rí. Wọ́n yọ orúkọ tíṣà kúrò.

Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí kíláàsì ní Sátidé ni ọmọ rẹ̀ ti sọ fún mi. "Ohùn yín ni wọ́n fi lé bàbá mi jáde."

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa…"

"Ẹ mọ̀. Àlàyé yín ní ẹni tí wọ́n rà, kò ní ẹni tó rà. Ṣé ẹrú ló ra ara rẹ̀ ni?"



Nígbà tí a pàdé lọ́jọ́ náà, mo dìde bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kàn.

Alága ní, "Ọ̀sẹ̀ tìẹ ti kọjá. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni súláìdì tòní."

"Ọ̀rọ̀ ìdílé náà ni, sà. Ẹ tan fóònù yín."

Mo ní kò sí ìsàlẹ̀ níbi tí kò bá ti sí òkè. Mo ní ilé wa ló ra bàbá ńlá wọn, pé oko tí à ń jẹ títí dòní, ọwọ́ wọn ló ṣán an. Mo ní ipò tí bàbá mi ń fi yangàn, wọ́n bí i mọ́ wọn ni, wọn ò ṣiṣẹ́ kankan fún un. Mo padà sórí ohun tí mo fò nínú súláìdì: ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ohun ìní ló ń pín èèyàn, èkejì ní ó kù, iyì àti agbára tún wà lọ́tọ̀. Tíṣà ní ìwé, ó ní ilé alájà. Ìyẹn ò fún un ní àga Olórítún. Ọwọ́ èèyàn ló to ìpele yẹn, ọwọ́ èèyàn sì lè tú u.

Alága wò mí. "Ṣé eléyìí ò ní dá wàhálà sílẹ̀ nílé yín?"

"Ẹ fi sórí ẹgbẹ́, sà."

Èmi fúnra mi ni mo fi í sórí wọ́ọ̀sáàpù abúlé. Kò pẹ́ tí bàbá mi fi pè.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi lo ń tú láṣọ lójú ọjà?"

"Ẹ ti fi ohùn mi jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan, bàbá. Ẹ fi èyí náà jẹ́rìí."

"Má tẹ ilé mi mọ́!"

"Màá wá, sà. Ilé wa ni."

Mo sì lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, bàbá mi ti ilẹ̀kùn. Mo jẹun nílé ìyá mi, mo sì sùn síbẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ tó mọ̀wé táátààtá ló ń ba ìlú jẹ́. Kí wọ́n máa wí. Mi ò ní yọ ohùn náà kúrò lórí ẹgbẹ́, mi ò sì ní tọrọ àforíjì fún òótọ́ tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ sọ nìkan ló ń dùn mí.

Mo bi ọmọ tíṣà bóyá ohun tí mo ṣe ti tó.

Ó ní, "Ohùn lẹ fi ránṣẹ́. Bàbá mi dúró níwájú wọn fúnra rẹ̀ nígbà tí ohùn yín ń dún. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Àga Olórítún ṣì ṣófo. Nígbà ìpàdé wọn tó kọjá, mo dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi jókòó níwájú. Tíṣà wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, wọ́n rí mi, wọ́n sún díẹ̀ kí àyè lè gbà mí. "Wọlé, ọmọ mi." Mo ní oníbàárà kan ń dúró dè mí, mo sì yí padà. Kò sí oníbàárà kankan. Mo ṣì jẹ tíṣà ní ìjókòó yẹn, àti ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n dìde níbẹ̀ sọ lójú bàbá mi.