Aṣọ Tẹlifísọ̀n Ìyá Bilal

Kò sí ohun tó wà níhòòhò nínú ilé Ìyá Bilal. Bí o bá wọ pálọ̀ rẹ̀ ní Adéwọlé, n'Ílọrin, tẹlifísọ̀n wọ aṣọ, firiji dé fìlà, àga wọ ẹ̀wù, sìlíńdà gáàsì pàápàá ró ìró. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi òwú hun gbogbo wọn. Sàfúrátù ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ títẹ ìwé lórí ẹ̀rọ ló ṣe fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìntì, ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ sì ti fọ́n ká. Kì í ṣe obìnrin onígbèéraga. Ó kàn gbà pé ohun tí ojú kò bá rí, ẹnu kò ní fi ṣe ẹjọ́ rò. Bí ara bá ń ro ó láti orí dé ẹsẹ̀, tí o sì bi í, yóò ní ara òun le kokooko bí ọta.

Bilal, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, ló ra ìnṣọ́ránsì ilé fún un. Ó pè é lórí fóònù pé kí ó ya fọ́tò nǹkan ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ iye tí wọ́n rà á, kí ó sì kọ síríà nọ́ńbà rẹ̀.

"Èwo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ni, Mọ́mì. Ẹ sáà wo ẹ̀yìn ẹ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò a kọ́kọ́ múra. Ìyá Bilal fọ aṣọ tẹlifísọ̀n, ó lọ̀ ọ́, ó fi bò ó padà. Òun náà wọ léèsì, ó dúró ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, Barakah aládùúgbò rẹ̀ sì ń yà á. Fọ́tò wọ̀nyí dára débi pé ó fi ọ̀kan ṣe ojú Wásáàpù rẹ̀. Nígbà tó kan nọ́ńbà, lẹ́tà ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n kéré fún ojú rẹ̀, àfi èyí tó tóbi díẹ̀: 220-240V. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dé ẹ̀yìn firiji, ó tún bá 220-240V níbẹ̀. Ó rò ó títí, ó ní bóyá ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Bilal náà kò yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ṣe gbà á ló ṣe fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò.

Ìgbà tí Ìyá Bilal lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lábúlé ni àwọn olè já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n gbé tẹlifísọ̀n, wọ́n gbé firiji. Aṣọ wọn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fi ti firiji kọ́ ọwọ́ àga. Ó lọ fi tó ọlọ́pàá létí, wọ́n fún un ní ìwé, ó sì pe Bilal.

"Mọ́mì, mi ò lágbára àtitún gbogbo ẹ̀ rà," Bilal wí. "Bí ìnṣọ́ránsì ò bá san án, ẹ ẹ́ máa bọ̀ l'Ábújá. Ilé yẹn ti pọ̀ jù fún ẹ̀yin nìkan."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju olè lọ. Ó ti gbé Àbújá yẹn rí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa ṣe sàláámà sí i láti àárọ̀ dalẹ́. Kò fẹ́ lọ. Ilé rẹ̀ ni kò fẹ́ pàdánù, kì í ṣe tẹlifísọ̀n.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán Ayọ̀dèjì wá, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó máa ń yẹ àdánù wò. Ó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n já, ó ka ìwé ọlọ́pàá, ó ṣí àwọn fọ́tò.

"Màmá, èwo ni tẹlifísọ̀n níbí?"

"Òun nìyẹn."

"Aṣọ ni mo rí, mà. Mo rí ẹ̀yin náà, ẹ sì rẹwà. Ẹ̀rọ gan-an ni mi ò rí."

"Abẹ́ ẹ̀ ló wà."

Ayọ̀dèjì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá ṣàlàyé pé iye iná tí ẹ̀rọ ń lò ni 220-240V, pé ó wà lára ẹ̀rọ tó pọ̀, ṣùgbọ́n síríà nọ́ńbà jẹ́ ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Orí Ìyá Bilal dàrú pátápátá. Nọ́ńbà wo ló tún kù? Ti firiji rọrùn: páálí rẹ̀ wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ òtútù ló kún inú rẹ̀, nọ́ńbà náà sì wà lára rẹ̀ gbagada. Ti tẹlifísọ̀n kò sí mọ́, Barakah ti gba páálí rẹ̀ fi di ẹrù ránṣẹ́. Risíìtì tí Bilal ní sọ iye tó rà á, kò sọ nọ́ńbà.

"Ṣé ẹnì kan ti tú ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n yẹn rí?" Ayọ̀dèjì bi í. "Ṣé ó bàjẹ́ rí?"

"Rárá o. Kò bàjẹ́ rí."

Ìdáhùn náà ti yá jù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní òjò èṣí, iná mọ̀nàmọ́ná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, tẹlifísọ̀n kú fin-ín. Ó gbé e lọ fún Àánúolúwapọ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ọ̀fà Garage, ó yọ owó nínú pẹ́ńṣọ̀n, kò sì sọ fún Bilal, kí ọmọ náà má baà ní agbára ìyá òun kò ká ilé mọ́. Nísinsìnyí, ó tún ń bẹ̀rù pé wọn kò ní sanwó tẹlifísọ̀n tó ti bàjẹ́ rí.

"Bí ẹ bá rántí ẹnikẹ́ni, ẹ pè mí," Ayọ̀dèjì sọ bó ṣe ń jáde. "Àwọn tó ń tún un ṣe máa ń ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí wọ́n tó wá páátì tí wọ́n máa fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ìyẹn á wúlò fún wa."

Ìyá Bilal dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ṣé ohun tó ń fi pamọ́ ló máa gbà á sílẹ̀ ni? Ó kírun àsárì, kò mọ iye rákà tó kí, ó tún un kí. Lẹ́yìn náà, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀fà Garage.

Àánúolúwapọ̀ yẹ fóònù rẹ̀ wò títí, ó rí i. Ẹ̀yìn tẹlifísọ̀n nìyẹn níhòòhò, bébà funfun ara rẹ̀ sì hàn kedere, síríà nọ́ńbà àti gbogbo rẹ̀. Ojú ti Ìyá Bilal, inú rẹ̀ sì dùn. Ibẹ̀ ló ti pe Ayọ̀dèjì.

"Ọmọ mi, mo parọ́ fún ẹ. Ó bàjẹ́ rí. Wọ́n ti tún un ṣe."

"Kò burú, Màmá. Ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe, tó sì ń ṣiṣẹ́, a ń sanwó ẹ̀. A ó yọ owó ìlò kúrò ṣá, torí kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́, ẹ sì sọ fún Bilal, torí mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó sọ fún Bilal, wọ́n sì sanwó. Kò tó iye tí wọ́n rà á tẹ́lẹ̀, tẹlifísọ̀n tuntun náà sì kéré díẹ̀ sí àkọ́kọ́. Ìyá Bilal fi jígí ojú sójú, ó ya ojú tẹlifísọ̀n náà, ó ya ẹ̀yìn rẹ̀, ó ka nọ́ńbà náà fún Bilal lórí fóònù láìfo ọ̀kan. Aṣọ tẹlifísọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì fi bò ó.

"Mọ́mì," Bilal wí, "ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tó bàjẹ́ tí ẹ ò tíì sọ fún mi?"

"Páìpù balùwẹ̀."

"Kí tún ni?"

Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un ká. "Orúnkún mi. Láti ìgbà ọyẹ́ ni. Bí mo bá kúnlẹ̀ kírun, àtidìde di iṣẹ́."

Ó ń retí kí Bilal dárúkọ Àbújá. Ó gbọ́ tí Bilal ṣí ìwé kan.

"Tọ̀tún ni àbí tòsì?"

"Tọ̀tún."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," Bilal wí. "Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ìlọrin níbẹ̀ náà la ó ti tọ́jú ẹ̀."