Òpó Méjì Inú Pálọ̀

Bàbá Ògiri ni àdúgbò ń pe bíríkìlà yìí, nítorí kò sí ògiri tó mọ tó wọ́ rí, òun náà kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ kọ́lé, ó là á yé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá máa gbé òkè lé e lọ́jọ́ iwájú, ẹ jẹ́ ká gbé òpó kọnkéré onírin dìde láti ìpìlẹ̀, ká fi bíìmù so wọ́n pọ̀. Ògiri kàn máa dí àárín ni. Bí kò bá sí òkè, ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án á gbé òrùlé fúnra rẹ̀."

"Òkè wo? Ṣé orúnkún mi yìí ló máa gùn ún?"

Wọ́n fi ògiri gbé ilé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, ìyá onílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ní òun fẹ́ òpó bíi ti ilé òdìkejì, fún ẹwà lásán. Bàbá Ògiri rẹ́rìn-ín. Ó to búlọ́ọ̀kù oníhò sí ìkángun méjèèjì ògiri àárín pálọ̀, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán ló tò ó sí, kò sí irin níbẹ̀, ó wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ dán. Ọdún méjìlá ni ìyá fi ń fẹ̀yìn ti àwọn òpó yẹn, tó ń sọ fún àlejò pé, "Àbúrò mi ló ṣe é."

Nígbà tí Bàbá Ògiri lọ tọ́jú ẹsẹ̀ lọ́nà jíjìn, ọmọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí bí dé láti ìdálẹ̀. Ó rí òpó, ó gbà pé òpó ló gbé ilé. Ó wó ògiri àárín kí pálọ̀ lè fẹ̀, ó gbé bíìmù lé òpó méjèèjì, ó sì da dẹ́kì kọnkéré lé e kí wọ́n lè gbé òkè lé ilé náà.

Ọjọ́ tí káfíńtà fẹ́ yọ igi tí wọ́n fi ti dẹ́kì ni Bàbá Ògiri wọlé. Ó rí bíìmù lórí òpó, ó kígbe.

"Ẹ má yọ ọ́! Kò sí nǹkan kan nínú òpó yẹn!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, sà," ni ọmọ náà wí.

Wọ́n lu òpó kan wò. Eruku búlọ́ọ̀kù dà sílẹ̀, wọ́n sì rí ihò. Ojú ti Bàbá Ògiri débi pé kò lè gbójú sókè. Ọ̀nà àbáyọ wà: kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun, kí wọ́n gbé òpó onírin dìde, tàbí kí wọ́n fọ́ dẹ́kì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, ẹsẹ̀ Bàbá Ògiri kò sì jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ bíríkìlà mọ́.

"Ibòmíì ń retí igi mi ní ọjọ́ Ẹtì," ni káfíńtà sọ.

Bàbá Ògiri bẹ̀ ẹ́ títí. Káfíńtà kò gbà, ó gbé òòlù rẹ̀.

Ìyá ti ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ó gba àárín igi kọjá wá, ó fẹ̀yìn ti òpó kejì bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá Ògiri wí, "ẹ má fẹ̀yìn tì í mọ́."