Aago Méje Tí Hàlímọ̀ Kọ Sórí Àtẹ

Ẹ bá mi wo Hàlímọ̀ Àlàó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró tó ní nílùú Èkó, ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to ìrìnàjò fún àwọn oníṣòwò: aago tí wọ́n á gbéra, ọkọ̀ tí wọ́n á wọ̀, iye owó, ilé tí wọ́n á sùn ní ìlú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ kan ṣoṣo. Ọdún mọ́kànlá rèé, mọ́tò ò fi oníbàárà rẹ̀ kankan sílẹ̀ rí. Àfi bíi pé wọ́n ń sanwó fún un kó máa fi yangàn!

Aago Èkó ló máa ń kọ sí gbogbo ìlú. Àwọn alhaja tó ń lọ ra aṣọ ní Lomé kì í yí aago ọwọ́ wọn padà, bẹ́ẹ̀ Lomé àti Accra fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Èkó. Tí mọ́tò Lomé bá máa gbéra ní aago mẹ́fà tiwọn, méje ni Hàlímọ̀ á kọ, kò sì síjà.

Ó wá kan Yaqub, télọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti fojú kan ìyàwó rẹ̀ tó wà lókè òkun kẹ́yìn. Ní Thursday, aago kan ọ̀sán, àwọn tó ń fúnni ní físà fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní Accra. Tí kò bá débẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Hàlímọ̀ to ìrìnàjò náà fún un: kó sùn ní Lomé, kó wọ mọ́tò Accra ní aago méje àárọ̀ Thursday.

Láàárọ̀ Thursday yẹn, Hàlímọ̀ kírun àsùbá tán, ló bá rí ohun tí Yaqub kọ sí i lórí WhatsApp lánàá: "Àǹtí, mo ti dé Lomé o. Fóònù mi ti yí sí aago ibí fúnra ẹ̀. Àlámù mi á dún ní mẹ́fà, kí n lè bá mọ́tò aago méje."

Ara rẹ̀ bù máṣọ. "Yéè! Mo gbé!"

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù l'Ékòó, márùn-ún ààbọ̀ ní Lomé. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí mọ́tò gbéra, òmíràn sì di ọ̀sán. Ó pe Yaqub, kò wọlé. Ó tún un pè, pàbó. Ó fa àtẹ náà jáde, ó wá ibi tó kọ ilé ìsùn sí: Alhaja Mariyah, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gba àwọn ará Èkó sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gárèjì Lomé. Ó pè é, fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè.

Ìgbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta ni Alhaja tó dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Yaqub ńkọ́?"

"Ó kírun tán, ó padà sùn. Ṣé kò sí o?"

"Ẹ jí i! Aago mẹ́fà tiyín ni mọ́tò ẹ̀ ń lọ! Tí ò bá tètè dìde, ẹ da omi sí i lára!"

Hàlímọ̀ ò lè jókòó. Ó di aago méje kọjá díẹ̀ l'Ékòó kí Yaqub tó pè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àǹtí, mo ti wọ mọ́tò! Wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí mo débẹ̀. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọpẹ́lọpẹ́ yín lára mi."

Ì bá gba ọpẹ́ náà, ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n ojú ń tì í.

"Má dúpẹ́, Yaqub. Aago Èkó ni mo kọ síbẹ̀, n ò sì sọ fún ẹ."

Hàlímọ̀ ń gbọ́ ariwo mọ́tò.

"Kò burú, Àǹtí," Yaqub ní. "Ní ti ètò àtibọ̀ sí Èkó, ẹ fi sílẹ̀. Màá wá mọ́tò fúnra mi."