Ìdajì-ìdajì Nehemiah

Ohun tí Nehemiah bá lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìfọ́n ló gbé wọ ilé tirẹ̀ ní Ìlọ́bù: owó ilé, oúnjẹ, iná, kí ọkọ san ìdajì, kí aya san ìdajì. Gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà lóṣù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ni ìjọba ń san fún Nehemiah. Fisáyọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ń gba àádọ́ta péré. Tó bá ti dá ogójì tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló kù sí i lọ́wọ́. Ọkọ yìí sì ń yan kiri pé òun kì í rẹ́ aya òun jẹ!

Ní Sátidé kan, ìyá rẹ̀ wá kí wọn. Ó rí bàtà Fisáyọ̀ tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu ọ̀nà, ó rí tẹlifíṣọ̀n tuntun ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀. Ó béèrè ohun tó fà á.

"Màmá, ìdajì-ìdajì la ń ṣe, bíi ti ẹ̀yin àti Bàbá."

Ìyá dáhùn pé: "Ṣọ́ọ̀bù kan náà lèmi àti bàbá rẹ jọ ń tà. Ìdajì-ìdajì la ń pín èrè, ìyẹn la fi ń náwó ní ìdajì-ìdajì. Ṣé ẹ̀yin náà ń pín owó oṣù yín sí méjì ni?"

Ojú ti Nehemiah. Ó pe Fisáyọ̀ láti ilé ìdáná. "Owó mi tó ìlọ́po mẹ́ta tìrẹ. Láti òní lọ, nínú náírà mẹ́rin tí a bá ná nílé yìí, èmi á dá mẹ́ta, ìwọ á dá ẹyọ kan."

Fisáyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ò ní ṣaláìní." Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò tó ta wọ́n lọ́rẹ ló ṣe dúpẹ́.

"Dìde, ìyàwó mi," ni ìyá wí. "Ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ ṣì jókòó sórí àga."