Mẹ́wàá Ni, Kì Í Ṣe Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìfilọ̀ ẹ̀ka físíìsì lọ́jọ́ Ajé yẹn kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀, pé kí wọ́n wá fojú kan ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ àwọn tó jíwèé wò nínú ìdánwò, ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi, ilé ló ń lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà tèmi kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo kọ́ àwọn márààrún níwèé.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá kan ní Àgbówó, ẹ̀yìn títì tó dojú kọ géètì yunifásítì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Mọ́níyà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nílé wọn tó máa rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ọdún tá a máa jáde la wà, láyé ológun, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá ilé ìwé á ṣì wà ní ṣíṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ka wa ti sọ pé àwọn máa mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ṣe igbákejì olùkọ́. Gbogbo kíláàsì mọ̀ pé èmi tàbí òun ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ borí rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ, mi ò sì mọ̀ nígbà náà pé ẹnì kan lè gbé méjèèjì pọ̀.

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní éńtírópì kì í pariwo. Ọkùnrin tíńrín ni, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún òun pé éńtírópì ni ìdàrúdàpọ̀. Iye ọ̀nà ni, ká kà á. Gbogbo bí a ṣe lè to nǹkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ara wọn lọ. Ìrísí tí ọ̀nà àtitò ó pọ̀ jù lọ la máa ń bá pàdé, kì í ṣe pé ẹnì kan fẹ́ràn rẹ̀. Bí o bá wá rí ohun tí ọ̀nà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ó ní kó o bi ara rẹ léèrè ọwọ́ tó tò ó.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn márùn-ún yìí ní kí n wá là á yé àwọn. Ìbéèrè tí gbogbo wa mọ̀ pé yóò jáde ni mo mú: átọ̀mù mẹ́ta, olúkúlùkù lójú ibi tirẹ̀, fẹ́ pín ẹyọ agbára mẹ́ta tó dọ́gba láàárín ara wọn. Ọ̀nà mélòó ló wà? Mo to agolo mílíìkì mẹ́ta sílẹ̀, mo ní átọ̀mù nìyẹn. Mo kó ìdérí ìgò mínírà mẹ́ta, mo ní agbára nìyẹn. Kó má bàa rú wọn lójú, mo fi báírò kọ nọ́ńbà sí ara ìdérí: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ìdérí kìíní lè wọ agolo mẹ́ta, èkejì bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Gbogbo wọn yà á sínú ìwé, tòun ti nọ́ńbà ara ìdérí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo lọ ra búrẹ́dì nítòsí ìsọ̀ fọ́kanáísà. Àwọn bàbá méjì ń ta ayò níbẹ̀, mo sì dúró wò wọ́n. Ọ̀kan ju ọmọ ayò mẹ́ta sójú ọpọ́n, èkejì kàn wò ó, ó ní, “Méjì wà níbí, ọ̀kan wà lọ́hùn-ún.” Kò béèrè èwo nínú ọmọ ayò ló bọ́ síbo. Ta ló máa béèrè irú ẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Àwọn átọ̀mù ní ojú ibi tiwọn, bí ihò ọpọ́n. Ṣùgbọ́n ẹyọ agbára kò ní nọ́ńbà lára. Èmi ni mo fún un ní nọ́ńbà. Mo kà á ní ìka: kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lójú kan, ọ̀nà mẹ́ta; kí méjì wà níbì kan kí ọ̀kan wà níbòmíràn, ọ̀nà mẹ́fà; kí olúkúlùkù mú ọ̀kan, ọ̀nà kan. Mẹ́wàá ni. Kì í ṣe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń de bàtà.

Ó ní, “Ṣé kò sí ohun tó yí padà nínú ohun tá a kà?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ló wà.”

Ìdajì wákàtí ló kù ká wọ gbọ̀ngàn. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ọkàn rẹ̀ á pòrúurùu. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Nígbà tó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìfilọ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ mi ti ọ́fíìsì olùkọ́ yẹn dé, níbi tí àwọn márààrún ti lọ. Olùkọ́ ní ọ̀nà àtiṣìnà pọ̀ nínú ìbéèrè yẹn. Kí àwọn márùn-ún tó jókòó káàkiri gbọ̀ngàn wá ṣi ọ̀nà kan náà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà kan náà sára agbára, ọwọ́ kan ló tò ó, ìwé kan ló wọ gbọ̀ngàn. Wọ́n dárúkọ mi pé èmi ni mo kọ́ wọn. Olùkọ́ fi ìwé tèmi hàn wọ́n: mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ó ní bí mo bá kọ́ wọn ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, níbo ni mo ti rí mẹ́wàá? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá àwọn lọ, kí n ṣàlàyé pé inú gbọ̀ngàn ni mo ti rí i. Ó dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu kò rí i gbàgbé, mi ò sì sùn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé ìdérí mẹ́ta náà sórí tábìlì ìgbìmọ̀. Mo ṣàlàyé. Olùkọ́ tẹ́tí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ìdánwò mi. Ihò mẹ́ta ni mo yà síbẹ̀, bí ojú ọpọ́n, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìsí ìlà kan tí mo pa rẹ́.

Ó ní, “Ẹni tó gbà gbọ́ nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá yí ọkàn padà nínú gbọ̀ngàn, á pa nǹkan rẹ́. Ìgbà wo lo mọ̀ pé mẹ́wàá ni?”

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá ní inú gbọ̀ngàn ni. Wọn ò ní gbà á, bàbá kan ní Mọ́níyà á sì rí ọmọ rẹ̀ tó ń gbé àpótí bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mi orí sí mi pé kí n máa sọ ọ́.

Mo ní, “Kí n tó wọlé ni, sà. Ó bi mí bóyá nǹkan yí padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló wà.”

Wọ́n dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Máàkì ìbéèrè yẹn nìkan ni wọ́n pàdánù. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí, olùkọ́ náà kàn ti ìwé mi sí mi wẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣa ìdérí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tábìlì, ó sì jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kó lọ sí Bódìjà. Kò bá mi jà, kò sì kí mi. Ojú fèrèsé ni mo ti bá àwọn ìdérí náà, ó tò wọ́n ní ìlà kan. Ó ti fi ọṣẹ fọ nọ́ńbà ara wọn kúrò. Mo yí wọn síwá sẹ́yìn títí, mi ò mọ èwo ni ìdérí kìíní mọ́.